Ọpẹ́ lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lọ́tọ̀

Bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Kò sẹ́ni tí wọn ò pa òwe yìí fún ní kékeré láàárín wa, àwọn oníbàárà wa náà sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà fún àwa tí à ń gba iṣẹ́ ṣe. O ń dúpẹ́ tọkàntọkàn, ẹni tí ò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ti ń bi ara rẹ̀ pé kí ni eléyìí tún fẹ́ gbà. Bí iṣẹ́ náà bá tóbi, tí owó gidi ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lápò rẹ̀, ìfura yẹn á tún le sí i.

Iṣẹ́ sólà ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn. Mo ti rí ọ̀pọ̀ lẹ́tà ìdúpẹ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi ń kádìí iṣẹ́, ó sì dà bíi pé ẹnì kan náà ló ń kọ wọ́n: ìlà méjì fún ọpẹ́, ìlà mẹ́rin fún àwọn nǹkan mìíràn tí ilé iṣẹ́ wọn lè ṣe, lẹ́yìn náà "a ń retí ìgbà tí a ó tún jọ ṣiṣẹ́." Èmi kì í pe irú èyí ní ìdúpẹ́. Ìtọrọ ni, ó kàn fi ọpẹ́ bojú ni. Oníbàárà tó bá sì ka ìlà ìkẹyìn tán, ó máa ń gbàgbé ìlà méjì àkọ́kọ́.

Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé kí ọpẹ́ dá lọ, kó má mú ẹnikẹ́ni dání. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mìíràn á tẹ̀ lé e tó bá yá, kó sì jẹ́ pé inú iṣẹ́ tí a ti ṣe ló ti jáde wá, kì í ṣe inú àìní owó tiwa. N ó fi iṣẹ́ kan ṣàlàyé.

Ilé ẹ̀kọ́ girama aládàáni kan ni, àwọn ọmọ ń gbé inú ọgbà rẹ̀. Ìyá àgbà kan ló dá a sílẹ̀, Mọ̀mí ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Báńdì A ni iná àdúgbò wọn. Nígbà tí àjọ tó ń mójú tó iná mànàmáná gbé owó yúnìtì kan fún àwọn ará Báńdì A kúrò ní nǹkan bí 68 náírà lọ sí 225 náírà ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, bíìlì tó ń wọlé di ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ pe ìpàdé. Ẹ fi dísẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n wá pinnu, iṣẹ́ tó tóbi ni wọ́n gbé fún wa: ínfátà mẹ́ta, 5 kVA lọ́kọ̀ọ̀kan, bátìrì lítíọ́mù méjì tí ìkọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bí yúnìtì 15, àti páńẹ́lì 30 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 550 wáàtì. Inú ìsinmi lẹ́yìn táámù kejì la ṣe é, kí a lè kúrò lórí òrùlé kí àwọn ọmọ tó dé.

Ọjọ́ tí a kó irinṣẹ́ jáde, mi ò dúpẹ́ ju bí a ṣe ń dágbére lọ. Ìdí ni pé bálánsì wà nílẹ̀. Lẹ́tà ọpẹ́ tó bá dé kí bálánsì tó wọlé, ìránnilétí gbèsè ni bọ́sà máa kà á sí, kò sì ní jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bí owó bá ti wọlé, kò yẹ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣú kí èèyàn tó dúpẹ́. Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe tọ́ wa pé, bí wọ́n bá ṣe wá lálejò lánàá, àárọ̀ yìí la ó lọ kí wọn kú àná? Tó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oore náà ti tutù.

Ohun kan tún wà tí mi ò fẹnu bà rárá. Àdéhùn wa ni pé kí wọ́n dá ìdá 5 nínú 100 owó iṣẹ́ dúró fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n fi wo bóyá nǹkan kan á yọ. Owó mi ni, mo sì nílò rẹ̀, àmọ́ ó ní lẹ́tà tirẹ̀ àti ọjọ́ tirẹ̀.

Èyí ni ohun tí mo kọ sí Mọ̀mí lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí owó wọlé. Lẹ́tà orí bébà tí a fòǹtẹ̀ lù lọ sínú fáìlì ilé ẹ̀kọ́, ìyẹn lọ́tọ̀.

"Ẹ káàárọ̀ Mọ̀mí, ẹ kú àbójútó àwọn ọmọ. A rí owó tí ẹ fi ránṣẹ́ lánàá, a dúpẹ́. Ọjọ́ tí òjò ká wa mọ́ orí òrùlé họ́sítẹ́ẹ̀lì, ẹ̀yin fúnra yín lẹ jáde tí ẹ ní ká sọ̀ kalẹ̀, pé kò sí iṣẹ́ tó tó ẹ̀mí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ṣì ń sọ ọ́. Bí ẹ sì ṣe fi kọ́kọ́rọ́ yàrá bátìrì sọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ó gbà wá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àlàyé. Orúkọ gbogbo ohun tí a gbé síbẹ̀, nọ́ńbà ara wọn àti ọjọ́ tí gárántì wọn máa parí wà nínú fáìlì tó wà lọ́wọ́ bọ́sà. Bí ohunkóhun bá ń dún tàbí tó ṣíwọ́, ẹ pe nọ́ńbà yìí, ì báà jẹ́ òru. Ẹ ṣé gan-an ni, Mọ̀mí. Olúwa á máa bá yín tọ́ àwọn ọmọ náà."

Ẹ kíyè sí ohun tí kò sí níbẹ̀. Mi ò ní a tún máa ń ṣe kámẹ́rà ààbò. Mi ò ní kí wọ́n sọ nípa wa fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn tó ní ilé ẹ̀kọ́. Ohun tó wà níbẹ̀ ni nǹkan méjì tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wọn nìkan ló ti ṣẹlẹ̀, tí èèyàn ò lè dà kọ kúrò nínú lẹ́tà tí mo kọ sí oníbàárà mìíràn. Bí o bá lè yọ orúkọ oníbàárà kúrò nínú lẹ́tà rẹ kí o fi ti ẹlòmíràn síbẹ̀ kó sì tún wọlé, má tíì fi ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ fáìlì àti gárántì pọn dandan, nítorí pé àárín ọpẹ́ àti àdúrà ni ọkàn oníbàárà ti ń balẹ̀ pé ẹ ò tíì sá lọ.

Ohùn ni Mọ̀mí fi dá mi lóhùn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ṣé. Mo kà á títí dé ìsàlẹ̀, mo ń wá ibi tí o ti máa tọrọ nǹkan." Wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Mọ̀mí nìkan kọ́ la jẹ ní gbèsè ọpẹ́ o. Bọ́sà wà níbẹ̀ tó ń san owó wa díẹ̀díẹ̀ bí àdéhùn ṣe wí, láìjẹ́ kí a lọ kí a bọ̀. Mátírọ́ọ̀nù ló kó àpótí àwọn ọmọbìnrin kúrò lábẹ́ àjà kí eruku má bàa bò wọ́n. Ẹni tó sì ṣe pàtàkì jù, lójú tèmi, ni bàbá oníná ilé ẹ̀kọ́ náà, ẹni tó mọ ibi tí gbogbo wáyà àtijọ́ gbà kọjá nínú ògiri, tó fi ọwọ́ tọ́ wọn hàn wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe kì í rántí irú bàbá bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ni ọ̀gá máa kọ́kọ́ bi pé, "Àwọn tó ṣe sólà yẹn, ṣé iṣẹ́ wọn dáa?" Mo lọ kí wọn ní ṣọ́ọ̀bù kékeré tí wọ́n ń jókòó sí lẹ́yìn ilé ìdáná, mo fún wọn ní ọ̀kan nínú àwọn mítà tí ẹnu rẹ̀ ń gbá wáyà mú, irú èyí tí wọ́n ti ń wò lọ́wọ́ wa látìgbà tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún bọ́sà kí n tó fún wọn. Ẹ̀bùn tí ọ̀gá ò bá mọ̀ nípa rẹ̀, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ló máa ń jọ lẹ́yìn ọ̀la. Tó bá jẹ́ ọ́fíìsì ìjọba ni, mi ò tilẹ̀ ní mú ohunkóhun lọ ju lẹ́tà lọ.

Lẹ́yìn èyí, mo dákẹ́ fún nǹkan bí oṣù kan lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Oṣù àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ àléébù sólà máa ń yọjú. Ìdè wáyà tí kò fún dáadáa á máa gbóná. Ẹnì kan á rí i pé iná kì í lọ mọ́, á lọ ki áyọ́ọ̀nù bọ ihò tí a ní kí wọ́n má lò. Bí o bá kọ̀wé iṣẹ́ tuntun láàárín àkókò yìí, ìwé rẹ àti ìwé ẹ̀sùn wọn lè pàdé lójú ọ̀nà. Ẹ lọ wò ó, ẹ fi ọwọ́ kan àwọn ìdè náà, ẹ fún wọn le, ẹ má gba kọ́bọ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà tí oṣù yẹn ń ṣe. Àwọn ínfátà ayé òde òní máa ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú wọn sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Ti oníbàárà ni àkọsílẹ̀ náà, nítorí náà mo ti tọrọ àyè lọ́wọ́ Mọ̀mí kí n lè máa wò ó. Wákàtí méjì ni mo máa ń wá nínú rẹ̀: wákàtí tí bátìrì kún, àti wákàtí tí ó lọ sílẹ̀ dé ìdá 20 nínú 100, níbi tí a ti ní kó dúró kí ó má bàa tètè gbó.

Ní ilé ẹ̀kọ́ yìí, bátìrì máa ń dé ìdá 20 yẹn ní nǹkan bí aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ ní ìdájí. Jẹnẹrétọ̀ á sì dìde, á máa pariwo títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bọ́sà ti ń ráhùn sí bàbá oníná, ó ní ṣé sólà náà kò tó ni. Agbaṣẹ́ṣe tí ebi ń pa máa dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ra bátìrì kẹta. Owó ńlá ni bátìrì kan. Mo kúkú mọ èrè tó wà níbẹ̀.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Bátìrì méjèèjì jẹ́ yúnìtì 30, tí a bá yọ ìdá 20 tí a kì í fọwọ́ kàn, ó ku 24. Láti aago méje alẹ́, fáànù họ́sítẹ́ẹ̀lì 30 ni wọ́n ń tàn, 50 wáàtì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó di 1,500. Àwọn ínfátà fúnra wọn ń jẹ nǹkan bí 200. Wàyí o, gílóòbù hálójìn mẹ́fà wà yí ọgbà ká fún ààbò, àwọn àtijọ́ tó máa ń gbóná yẹn, 150 wáàtì lọ́kọ̀ọ̀kan: 900 nìyẹn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2,600 wáàtì. Yúnìtì 24 kò lè gbé e ju wákàtí mẹ́sàn-án àti díẹ̀ lọ, ìyẹn sì ni aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ tí fóònù ń fi hàn mí. Bí wọ́n bá yọ hálójìn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tí wọ́n fi LED oní 30 wáàtì rọ́pò wọn, 900 á di 180, gbogbo ẹrù alẹ́ á wálẹ̀ sí nǹkan bí 1,880. Yúnìtì 24 kan náà á gbé e fún ohun tó lé ní wákàtí méjìlá àtààbọ̀. Ó ti kọjá aago méje àárọ̀ nìyẹn, oòrùn ti ń yọ, páńẹ́lì ti ń jí.

Gílóòbù mẹ́fà, bàbá oníná lè rà wọ́n lọ́jà, kí wọ́n sì fi àkàbà gbé wọn kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kò sí kọ́bọ̀ tèmi níbẹ̀. Ìyẹn gan-an ni mo kọ sí Mọ̀mí, mo sì fi kún un pé: "Ẹ má tíì ra bátìrì, Mọ̀mí. Ẹ pààrọ̀ gílóòbù ìta ná, kí a jọ wo bí yóò ti rí." Mo fi àwòrán méjì láti orí fóònù ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn, ti alẹ́ ọjọ́ Ajé àti ti alẹ́ ọjọ́ Sátidé, mo fi ìlà pupa yí ibi aago mẹ́rin ká.

Àwọn kan á ní oníṣòwò wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ò sọ pé kí ẹ máa lé owó lọ o. Bátìrì kẹta tí kò tọ́ sí wọn á ṣiṣẹ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn ìbátan Mọ̀mí tó mọ iṣẹ́ iná bá wá kí wọn, tó wo òkè, tó rí hálójìn, ọjọ́ náà ni iṣẹ́ tèmi parí ní ọgbà yẹn. Ẹni tó ń fi oṣù wo àkọsílẹ̀ ni kò gbọdọ̀ jẹ́ kí àjèjì rí ohun tí òun ò rí.

Wọ́n pààrọ̀ wọn. Jẹnẹrétọ̀ ò dìde mọ́ ní ìdájí, àfi òwúrọ̀ ọjọ́ tí oòrùn àná rẹ̀ ò mú. Mọ̀mí ló pè mí, wọ́n ní, "Báwo la ṣe wá fẹ́ ṣe jẹnẹrétọ̀ tó kù yìí? Mo ṣì ń ra dísẹ̀lì." Ó dùn mọ́ mi pé àwọn ló bèèrè, torí pé mo ti ń wo ìdáhùn rẹ̀ látọjọ́ yìí, mo kàn ń dúró de ibi tí ọ̀rọ̀ máa gbà wọlé ni.

Dísẹ̀lì tó kù, ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga ló ń mu ún. Wọ́n máa ń tan jẹnẹrétọ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ láti fa omi sí tánkì. Bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú, pàápàá ní òpin ọ̀sẹ̀ tí kò sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, bátìrì máa ń kún ní aago kan ọ̀sán, páńẹ́lì á sì dákẹ́ nítorí pé kò síbi tí yóò da iná rẹ̀ sí. Ẹ̀rọ náà jẹ́ agbára ẹṣin kan àtààbọ̀, nǹkan bí 1,100 wáàtì tó bá ti ń sáré. Tó bá ń fa omi fún wákàtí mẹ́ta, yúnìtì mẹ́ta àti díẹ̀ ló máa jẹ. Iná tó ń ṣòfò ní ọ̀sán á gbé e láìmikàn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ká kàn so ó mọ́ ọn. Ẹ̀rọ omi máa ń fa iná tó tó ìlọ́po márùn-ún tàbí mẹ́fà nígbà tó bá ń dìde, ínfátà sì lè kọ̀ ọ́ kó pa ara rẹ̀, iná gbogbo ọ́fíìsì á sì lọ. Ó nílò wáyà tirẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tí yóò jẹ́ kó máa dìde díẹ̀díẹ̀, àti aago tí yóò tàn án ní aago kan ọ̀sán tí yóò pa á ní mẹ́rin. Ìyẹn ni iṣẹ́, iṣẹ́ tó sì tọ́ kí a gbowó lé lórí. Mo sọ fún Mọ̀mí pé kí n wá wọn bí ẹ̀rọ náà ṣe ń dìde kí n tó dá owó lé e. Mo tún sọ fún wọn pé ní oṣù Kẹjọ tí ojú ọ̀run máa ń ṣú, ọjọ́ kan á wà tí wọ́n á ṣì nílò jẹnẹrétọ̀. Ohun tí kò ní ṣeé ṣe, ẹnu wa ló yẹ kó ti kọ́kọ́ jáde.

Bébà kan ṣoṣo ni iye owó náà, ohun tí a máa ṣe, ohun tí a ò ní ṣe, àti ọjọ́ tí iye náà á ṣì dúró dé, nítorí pé ọjà ń yí padà. Mo fi ránṣẹ́ ní oṣù Kẹfà, ìyẹn náà sì ní ìdí. Owó ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kì í wọlé lójoojúmọ́, ìbẹ̀rẹ̀ táámù ló ń wọlé, iṣẹ́ tó ń da ọgbà rú kò sì ṣeé ṣe àfi nínú ìsinmi gígùn láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án. Bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kò bá dé tábìlì bọ́sà kí táámù kẹta tó parí, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ìwé tó dé ní oṣù Kẹjọ lè dára bí ó ti wù kó dára, owó ti ní ibi tó ń lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fi bèèrè, ọ̀dọ̀ bọ́sà ni mo sì ti bèèrè, kì í ṣe ọ̀dọ̀ Mọ̀mí, kí àgbà má bàa dà bí ẹni tí à ń lé kiri: "Ẹ kú iṣẹ́ sà, mo ní kí n wádìí bóyá ìwé ẹ̀rọ omi yẹn dé ọ̀dọ̀ yín, tí ohunkóhun kò bá yé yín níbẹ̀, mo wà nílé." Bí wọn ò bá dáhùn sí ìyẹn, mi ò ní bèèrè mọ́. N ó dúró di ìgbà ọyẹ́, nígbà tí eruku bá bo páńẹ́lì tí iná wọn bá ń rẹlẹ̀, n ó sì lọ fi omi àti aṣọ rírọ̀ fọ̀ wọ́n gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ọ́ sínú gárántì. Ẹsẹ̀ mi á tún wọ ọgbà náà láìṣe ìyọlẹ́nu.

Kò dé ibẹ̀. Bọ́sà fèsì pé Mọ̀mí ti fọwọ́ sí i, àmọ́ ìdajì owó ni wọ́n lè san kí táámù tuntun tó wọlé, ìyókù á di oṣù Kẹsàn-án. Mo gbà. Ìparí oṣù Keje ni oṣù mẹ́ta àdéhùn àkọ́kọ́ pé, mo kọ lẹ́tà ti ìdá 5 náà lọ́tọ̀, wọ́n san án lọ́tọ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ fún wáyà ẹ̀rọ omi ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú bàbá oníná tó ń fi mítà tirẹ̀ wọn ohun tí a ti wọn tán.